Aṣọ Onígun Mẹ́ta Inú Fọ́tò

Ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ wa, àpótí ìtọ́jú kọ́ ni a máa ń kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀, fọ́tò ni. Ọ̀gá Àtàndá, olórí wa, ló ṣe òfin yẹn, ó sì nídìí. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì lójú títì ní Mile 12, gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ ló máa ń kó ẹrù inú àpótí jáde bí ẹni ń yan ọjà. Wọ́n á tẹ eléyìí, wọ́n á gbóòórùn ìyẹn, ẹlòmíì á tilẹ̀ ya bébà tí wọ́n fi di dírẹ́sìn kó lè yọjú wo inú rẹ̀. Dírẹ́sìn tí wọ́n bá sì ti ya bébà rẹ̀ láìsí egbò nílẹ̀, ó ti di aṣọ lásán, ìdọ̀tí ti dé ibẹ̀, kò ṣeé gbé lé ojú egbò ẹnikẹ́ni mọ́.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá Àtàndá to gbogbo ohun inú àpótí sórí ẹní aláwọ̀ búlúù, wọ́n pe fọtogíráfà kan láti Kétu, wọ́n ní kó gun àga kó yà á láti òkè. Fóònù ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn nígbà náà o, àmọ́ èyí tó lè ya fọ́tò tó mọ́lẹ̀ kò tíì dé ọ̀dọ̀ irú wa. Wọ́n fọ fọ́tò náà fẹ̀ bíi kàlẹ́ńdà, wọ́n sì fi rọ́bà bò ó kí ọwọ́ má bàa bà á jẹ́. Láti ìgbà yẹn, ẹni tí kò bá lè nàka sí ohun kọ̀ọ̀kan inú fọ́tò, kó pè é lórúkọ, kó sì sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń fi í ṣe, onítọ̀hún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àpótí wa.

Èmi Mojí ni wọ́n gbé iṣẹ́ ìkọ́ni náà fún. Télọ̀ ni mí, ní Kétu ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, èmi náà sì ni mo máa ń gé bándéèjì onígun mẹ́ta fún ẹgbẹ́ láti ara kàlíkò funfun. Mi ò ní sùúrù púpọ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ mí tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ti sọ nǹkan fún èèyàn tó tún ń pe bándéèjì tó ń fà ní bándéèjì lásán, ojú mi á ti yí padà. Lóòótọ́, nínú fọ́tò, àwọn méjèèjì rí róbótó bákan náà, kò sí bí èèyàn ṣe lè fọwọ́ fà wọ́n wò. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí wọ́n wo ojú aṣọ rẹ̀ dáadáa. Èyí tó rí jágajàga, tó láwọ̀ bíi ti ara òyìnbó, òun ló ń fà, òun la fi ń di ẹsẹ̀ tó rọ́. Èyí tó funfun tó sì fúyẹ́, òun la fi ń so dírẹ́sìn mọ́ ojú egbò.

Ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn ìrun àsárì, ni Màmá Nimat wọlé wá bá wa ní kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a ti ń ṣe ìpàdé ní Ìkòsì. Ata ilẹ̀ àti áyù ni wọ́n ń tà nínú ọjà Mile 12, òórùn rẹ̀ sì wà lára aṣọ wọn. Wọn ò kéré, wọ́n á ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa. Mo kí wọn, mo ní ìyá ta ni kí a máa pè wọ́n. Wọ́n ní kí n máa pè wọ́n ní Nimat, orúkọ tiwọn fúnra wọn. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí kò sí ìyá tó dàgbà tó báyẹn ní àdúgbò wa tí kì í jẹ́ orúkọ ọmọ. Mo ní mi ò lè pè wọ́n lórúkọ, màá máa pè wọ́n ní Mummy. Wọ́n ní ìyẹn náà dáa.

Mo bi wọ́n léèrè ohun tó mú wọn wá. Ìbéèrè tí mo ń bi gbogbo èèyàn ni. Ọ̀pọ̀ á sọ pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni, àwọn kan á máa fojú wá ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí a máa ń wọ̀. Màmá Nimat wo ọwọ́ ara wọn, wọ́n ní ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún àwọn, ọkùnrin, Gbénró lórúkọ rẹ̀, ó ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn, ọ̀kadà ló gbé e lọ́dún tó kọjá, tírélà sì gbá ọ̀kadà náà níbi tí wọ́n ti ń yà wọ ọjà. Itan rẹ̀ ló dá. Ó kú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ ohun tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lọ́jọ́ náà, kí ọmọ ẹlòmíì má bàa kú bẹ́ẹ̀.

Mo bá wọn kẹ́dùn. Wọ́n wá fi kún un.

"Àwọn kan wá o, Aunty Mojí. Wọ́n láwọn wá ràn án lọ́wọ́. Wọ́n wá di ọmọ mi bí òkú nígbà tó ṣì ń mí. Èmi ni mo tú u."

Èmi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n mo mọ ọjọ́ náà. Débọ́lá tó wà nínú ẹgbẹ́ wa ló wà níbẹ̀, òun ló di ọmọ náà. Mẹkáníìkì ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sì sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ tó o nínú gbogbo wa tó bá di ká di egungun. Mo gbé ojú sókè báyìí láti wá a. Àga rẹ̀ ti ṣófo. Ó ti rí ìyá náà kí èmi tó rí wọn, ó sì ti bá ẹ̀yìn jáde.

Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Mo gbé fọ́tò lé orí tábìlì, mo bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, níbi tí kò séwu. Dírẹ́sìn inú bébà kọ́kọ́, ńlá àti kékeré. Mo ṣàlàyé pé a kì í ya bébà rẹ̀ àfi tí egbò bá wà nílẹ̀, a kì í sì í fọwọ́ kan àárín rẹ̀ tó máa kan egbò. Lẹ́yìn náà, òwú. Mo ní òwú kì í kan ojú egbò láéláé nítorí ó máa lẹ̀ mọ́ ọn, orí dírẹ́sìn ló máa ń wà, tàbí kí a fi ṣe tìmùtìmù sábẹ́ ibi tí igi tí a fi ń di egungun tó dá bá ti lè pa èèyàn lára. Plásítà, sísọ́ọ̀sì, àwọn pín-ín-nì. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tún pè lẹ́yìn mi láìṣìṣe. Ìyá tó ń yẹ ata ilẹ̀ wò lójoojúmọ́ kí wọ́n má bàa kó èyí tó ti jẹrà fún un, ojú rẹ̀ kò lè má mú. Wọ́n mọ bándéèjì tó ń fà yàtọ̀ sí èyí tí kì í fà ní ẹ̀ẹ̀kan péré, nígbà tó jẹ́ pé olùkọ́ ilé ìwé kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí n tó là á yé e. Mo fẹ́ràn wọn lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Nítorí pé ní apá ọ̀tún fọ́tò náà, lábẹ́ igi, ni àwọn aṣọ onígun mẹ́ta wà, tí mo ti ká jọ ní gbọọrọ, funfun báláú, wọ́n tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Èmi ni mo gé wọn. Èmi ni mo lọ̀ wọ́n.

Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Mọ́ńdé, Débọ́lá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì dè mí. Òróró ẹ́ńjìnnì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní ṣé ìyá náà á tún padà wá. Mo ní wọ́n á wá, wọ́n yára mọ nǹkan. Ó wolẹ̀. Ó wá sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà fún mi, èyí tí kò sọ tán rí ní ìpàdé.

Ó ní nígbà tí òun dé ibẹ̀, ọmọ náà ń ké, igbe rẹ̀ gba gbogbo ibùdókọ̀ kan. Itan rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ náà sì ti kúrú ju ìkejì lọ. Igi inú àpótí kò tó o, apá àti ojúgun ni igi yẹn wà fún. Ó wá ṣe ohun tí a kọ́ gbogbo wa: ó fa ẹsẹ̀ tó dára wá sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó dá, ó fi òwú sí àárín wọn, ó sì fi aṣọ onígun mẹ́ta dì wọ́n pọ̀, láti ọrùn ẹsẹ̀ dé òkè itan. Ó dì í tán báyìí, ó ń dúró de mọ́tò, ni ìyá náà sáré dé láti inú ọjà. Wọ́n rí ọmọ wọn nílẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì pa pọ̀, aṣọ funfun yí i ká ní ọrùn ẹsẹ̀, ní orúnkún, ní itan. Wọ́n gbá Débọ́lá létí. Wọ́n ní òkú ni wọ́n ń so lẹ́sẹ̀ pọ̀, ọmọ àwọn kò tíì kú. Àwọn èrò gbè wọ́n. Ìyá náà tú aṣọ náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọkùnrin alábàárù sì gbá ọmọ náà mú lápá lẹ́sẹ̀, wọ́n jù ú sẹ́yìn ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan.

Mo bi Débọ́lá pé ṣé ìyá náà dá ojú rẹ̀ mọ̀. Ó ní bóyá ni, nítorí aṣọ nìkan ni wọ́n ń wò. Ó wá bẹ̀ mí.

"Aunty Mojí, ẹ má sọ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bínú sí mi. Mo lè gbé ìyẹn. Èyí kejì yẹn, wọn ò ní lè gbé e."

Mo tan ẹ̀rọ mi, mo ń rán aṣọ oníbàárà tí kò ní gbà á títí oṣù yẹn á fi parí. Inú ń bí mi sí gbogbo èèyàn: sí Débọ́lá tó ń gbé ẹrù lé mi lórí, sí Ọ̀gá Àtàndá àti òfin rẹ̀, sí ara mi tí mo fi kàlíkò funfun gé bándéèjì nígbà tí aláwọ̀ ewé wà lọ́jà, tó sì tún rọ̀ jù ú lọ. Ta ni kò mọ̀ pé aṣọ funfun ni wọ́n fi ń sin òkú? Àwa Kristẹni mọ̀ ọ́n, àwọn Mùsùlùmí mọ̀ ọ́n, lìkáfánì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á fi dì í, wọ́n á sì so ó níbi orí, níbi àárín, níbi ẹsẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa ní iṣẹ́ yìí kò sọ ìyẹn. Ẹni tó kọ ọ́ kò gbé ní Ìkòsì.

Ọ̀rọ̀ náà wá kù sí mi lọ́wọ́. Tí mo bá sọ òótọ́ fún Màmá Nimat, wọ́n á mọ̀ pé ọwọ́ àwọn fúnra wọn ló tú ìtọ́jú ọmọ àwọn. Tí mi ò bá sì sọ ọ́, wọn ò ní mọ ohun tó wà nínú fọ́tò tán, wọn ò ní wọ ẹgbẹ́, wọn ò sì ní lè gba ọmọ ẹnikẹ́ni là. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá sì nìyẹn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbìyànjú ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Màmá Nimat nàka sí àwọn aṣọ funfun gbọọrọ náà, wọ́n ní kí lèyí. Mo ní bándéèjì onígun mẹ́ta ni, mo tú ọ̀kan sílẹ̀ láti inú èyí tí mo mú wá láti ṣọ́ọ̀bù, mo fi gbé apá wọn kọ́ ọrùn wọn, mo ní apá tó bá dá la fi ń gbé kọ́rùn báyìí. Irọ́ kọ́ ni. Iṣẹ́ kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni. Wọ́n jókòó pẹ̀lú apá wọn lọ́rùn, wọ́n rọra rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó rọni lọ́rùn. Mo yára yí ìka mi sórí igi.

Igi náà méjì ni wọ́n wà nínú fọ́tò, pákó pẹlẹbẹ tí a yọ́ dáadáa, tí a fi aṣọ wé. Sípílíńtì ni a ń pè wọ́n nínú ẹgbẹ́. Mo ní tí egungun bá dá, igi yìí ni kì í jẹ́ kó mì, nítorí pé ibi tó ti dá mú bíi ìgò tó fọ́, tó bá ń mì, á máa gé ẹran àti iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ara. Mo ní igi náà gbọ́dọ̀ gùn kọjá oríkèé tó wà lókè ibi tó dá àti oríkèé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n tún un sọ lẹ́yìn mi. Wọ́n wá tẹ̀ mọ́ fọ́tò náà, wọ́n ń fi ìka wọn wọn igi náà.

Nínú fọ́tò, sísọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Màmá Nimat wo sísọ́ọ̀sì tó wà lórí tábìlì mi, wọ́n wo ti inú fọ́tò, wọ́n wá fi ọwọ́ díwọ̀n bí igi náà á ṣe gùn tó lójúkojú. Wọ́n gbé ọwọ́ tó wà ní ìwọ̀n yẹn sórí itan ara wọn. Kò ju ààbọ̀ lọ.

Wọ́n ní, "Kò lè tó itan. O ní ó gbọ́dọ̀ kọjá oríkèé lókè àti nísàlẹ̀. Kí ni ẹ fi ń di itan?"

Mo ní igi gígùn wà láyé, àmọ́ kì í gba inú àpótí. Wọ́n ní tí kò bá wá sí igi gígùn ńkọ́. Wọ́n wo ojú mi. Mo rí i pé ìbéèrè yẹn gan-an ni wọ́n gbé wá láti ilé wọn, òun nìkan ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ń kọ́ gbogbo ìyókù. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Débọ́lá dúró níbẹ̀, ó fara ti ògiri, ó ń mi orí sí mi pé rárá.

Ká ní wọ́n béèrè rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú ni, bóyá mi ì bá ti purọ́. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ mọ iṣẹ́ ni wọ́n béèrè, mi ò sì lè purọ́ fún wọn lórí iṣẹ́. Ẹni tí mo bá purọ́ fún níbí, ojú títì ló ti máa fi irọ́ náà ṣiṣẹ́.

Mo ní, "Mummy, ẹsẹ̀ kejì ni igi rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ èyí tó dá la máa fà á wá, a ó fi òwú sí àárín, a ó sì fi aṣọ onígun mẹ́ta yìí dì wọ́n pọ̀."

Màmá Nimat yọ apá wọn kúrò nínú aṣọ tó gbé e kọ́rùn, wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń fi ọwọ́ pa etí rẹ̀ níbi tí mo ti lọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní ibo àti ibo la máa ń dì í. Mo ní ọrùn ẹsẹ̀ kọ́kọ́, lẹ́yìn náà orúnkún, lẹ́yìn náà òkè àti ìsàlẹ̀ ibi tó dá, a kì í sì í dì í lórí ibi tó dá gan-an. Wọ́n ń mi orí. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ibi tó wà nìyẹn.

Débọ́lá ti wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ńtì tó kún fún eruku ṣọ́ọ̀kì. Ó ní òun ni, Mummy, òun ni ẹni ọjọ́ náà, kí wọ́n dárí ji òun, òun ì bá ti sọ fún wọn ohun tí òun ń ṣe kí wọ́n tó rí i. Ó ní itan tó dá burú jáì, ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú lọ́hùn-ún tí ojú kò rí, ọ̀pọ̀ ni wọ́n dì dáadáa tí wọ́n ṣì kú. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ. Èmi náà sọ ọ́. Mo ní kò sẹ́ni tó lè sọ pé ká ní wọn ò tú u ni, ó máa yè. Màmá Nimat gbọ́ wa títí a fi sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ní kí Débọ́lá dìde.

Wọ́n wá bọ́ bàtà wọn. Wọ́n dùbúlẹ̀ sórí ẹní tí a fi ń kọ́ṣẹ́, wọ́n fa ìró wọn bo ojúgun wọn, wọ́n ní kó di àwọn bó ṣe di ọmọ náà.

Débọ́lá wò mí. Mo gbé àwọn aṣọ náà fún un. Ó kúnlẹ̀, ó fi òwú sí àárín ọrùn ẹsẹ̀ wọn, sí àárín orúnkún, sí àárín itan. Ó fi aṣọ gba abẹ́ kòtò ẹ̀yìn orúnkún láìgbé ẹsẹ̀ sókè, ó rọra ń fà á síbi tó yẹ. Ó kọ́kọ́ yí ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ká ní ọrùn ẹsẹ̀, ó lọ́ ọ gba abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì ta kókó rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tó yẹ kó jẹ́ èyí tó dára. Ọwọ́ rẹ̀ tó ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ lójoojúmọ́ kò ṣàṣìṣe kankan. Nígbà tó dì í tán, ó tẹ èékánná ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn, ó dúró títí pupa rẹ̀ fi padà. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ń lọ, kò fún jù.

Màmá Nimat gbìyànjú láti mi ẹsẹ̀ wọn. Kò mì. Wọ́n ń wo òkè àjà.

Wọ́n ní, "Kò dunni."

Débọ́lá ní, "Ohun tó wà fún nìyẹn, Mummy. Kí ìrora lè dín kù."

"Igbe rẹ̀ ni mo gbọ́ nínú ọjà tí mo fi mọ̀ pé òun ni. Mo ń sá bọ̀, mo ń gbọ́ ọ. Nígbà tí mo máa fi dé ọ̀dọ̀ yín, ó ti dákẹ́. Ó kàn ń wò mí ni. Mo rò pé ó ti ń lọ nìyẹn."

Omi ti ń ṣàn láti ojú wọn lọ sí etí, wọn ò nù ún.

"Nígbà tí mo tú u, ó tún kígbe. Inú mi dùn, Aunty Mojí. Mo ní alihamudulilahi, ọmọ mi ti padà. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn, gbogbo ibi tí mọ́tò bá ti gbò, á ké, èmi á máa sọ fún un pé kó máa ké, kó má dákẹ́. Títí tó fi dákẹ́ ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀ fún un."

Débọ́lá bojú, ó jáde. Èmi ni mo kúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ wọn, mo nawọ́ sí kókó ọrùn ẹsẹ̀ láti tú u. Màmá Nimat dìde jókòó, wọ́n na apá wọn dé ibẹ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n má tíì tú u.